Bí onípìn-ín kékeré ṣe lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi owó-oṣù kó èrè ilé-iṣẹ́ lọ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní ìdá 70 nínú 100, ẹ̀yin ní ìdá 30. Nígbà tó yá, wọ́n dìbò yọ yín kúrò nípò olùdarí. Láti ọjọ́ náà, oníbàárà ń wá, ọjà ń tà, síbẹ̀ wọ́n ń sọ lọ́dọọdún pé kò sí èrè tí àwọn lè pín.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin fún onípìn-ín lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ọdọọdún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà láǹfààní àtiwo ìwé ìnáwó ojoojúmọ́. Ẹ wo owó-oṣù àwọn olùdarí, owó tí ilé-iṣẹ́ yá wọn, àti owó ilé tó ń san fún ilé tó jẹ́ tiwọn. Ibẹ̀ ni èrè máa ń gbà jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò. Ká ní ohun tó kù kí wọ́n tó san owó-oṣù olùdarí jẹ́ mílíọ̀nù 100 lọ́dún kan. Àwọn méjèèjì gba mílíọ̀nù 45 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìwé sì wá fi èrè mílíọ̀nù 10 hàn. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún ọ̀gá tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 12 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èrè gidi jẹ́ mílíọ̀nù 76. Mílíọ̀nù 66 ló gba ẹ̀yìn lọ. Iṣẹ́ akáǹtáǹtì tí kì í ṣe tiwọn nìyí, nítorí kóòtù kò ní gba ìfojúdíwọ̀n yín. Àìpín èrè nìkan kò sì tó. Bí wọ́n bá ń fi owó náà ra ẹ̀rọ tàbí san gbèsè, ẹjọ́ yín kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń mú un lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé àwọn ń gbà, ẹ̀yin kò gbà.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni lẹ́tà. Ẹ to ìṣirò yín sínú rẹ̀, ẹ béèrè àlàyé, kí ẹ sì sọ pé kí wọ́n ra ìpín yín ní iye tí onídìíyelé tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni bá fi sí i. Ohùn tútù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí adájọ́ lè kà á lọ́la. Bí àwọn náà bá sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ lọ̀ yín, ẹ rò ó dáadáa. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba sọ ní 1999, nínú ẹjọ́ O'Neill àti Phillips, pé ẹni tó kọ owó tó tọ́ lè pàdánù ẹjọ́ rẹ̀.

Bó bá di kóòtù, irú ẹjọ́ tí ẹ pè ṣe pàtàkì gan-an. Láti ìgbà ẹjọ́ Foss àti Harbottle ní 1843 ni àwọn kóòtù tó ń tẹ̀ lé òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ ló yẹ kó pẹjọ́. Onípìn-ín lè gba àyè láti pẹjọ́ lórúkọ ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n àpò ilé-iṣẹ́ ni owó tó bá jáde ń padà sí, ọwọ́ àwọn kan náà ló sì wà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹjọ́ ìrẹ́jẹ, èyí tí onípìn-ín ń pè lórúkọ ara rẹ̀ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, ló dára jù fún irú yín. Òun ni adájọ́ fi lè pàṣẹ pé kí wọ́n ra ìpín yín. Títú ilé-iṣẹ́ ká ni kó gbẹ̀yìn, torí ó lè run ohun tí ẹ fẹ́ gbà.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yẹn ń ṣe báyìí. Bí onídìíyelé bá fi 4 sọ èrè ọdún kan di púpọ̀ láti mọ iye tí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó, mílíọ̀nù 10 orí ìwé yóò sọ ìdá 30 yín di mílíọ̀nù 12 péré. Pẹ̀lú èrè gidi, ó di mílíọ̀nù 91.2.

Pàkúté kan ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n lè ní ìpín kékeré kò láṣẹ, kí wọ́n sì gé iye rẹ̀. Ní England, àwọn onípìn-ín kan tó jọ ní ìdá 49.96 jàre ní 2006 lórí owó-oṣù àpọ̀jù, síbẹ̀ iye ìpín kékeré ni wọ́n fi ṣírò tiwọn, nítorí ilé-iṣẹ́ náà kò jọ àjọṣe ọ̀rẹ́ tó fọkàn tán ara wọn. Nítorí náà, ẹ tọ́jú àwọn lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó fi hàn pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ fẹnu kò láti jọ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí lọ́yà yín sì béèrè pé kí wọ́n lo iye tí ìpín tó lọ́jọ́ tí ẹ pẹjọ́, bí wọ́n bá ṣì ń fa owó jáde nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́.