Bí a ṣe ń mú àkáǹtì sọ́sípẹ́ǹsì kúrò nílẹ̀: jọ́nà wo ló kàn án, èwo ni kò kàn án?

Nígbà tí tíráyà bálánsì, ìyẹn àkójọ bálánsì gbogbo àkáǹtì ní apá dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì, kò bá dọ́gba, iye tí apá kan fi dín sí èkejì la máa ń gbé sínú àkáǹtì sọ́sípẹ́ǹsì, ní apá tó dín gan-an. Ká ní dẹ́bíìtì jẹ́ 48,200, krẹ́díìtì sì jẹ́ 50,600. Dẹ́bíìtì ló fi 2,400 dín, torí náà a ó dẹ́bíìtì sọ́sípẹ́ǹsì ní 2,400. Ibẹ̀ ni yóò wà títí a ó fi rí ohun tó fà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé gbogbo àṣìṣe tí wọ́n bá ti rí ni wọ́n máa ń fi gba inú sọ́sípẹ́ǹsì kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí o tó kọ jọ́nà kankan, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a fi ń tún àṣìṣe ṣe, bi ara rẹ pé: ṣé àṣìṣe yìí ló jẹ́ kí apá méjèèjì yàtọ̀? Bí iye kan náà bá ti wọ dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì, kódà kó jẹ́ inú àkáǹtì tí kò yẹ, tíráyà bálánsì kò ní mọ̀ ọ́n, sọ́sípẹ́ǹsì kò sì ní í dá sí i.

Jẹ́ ká wo àṣìṣe mẹ́fà tí a rí nínú ìwé kan náà.

Àkọ́kọ́, àṣìṣe ìfòdá. A ta ọjà àwìn 900, ṣùgbọ́n a kò kọ ọ́ síbì kankan. Ohun tó sábà máa ń tú u fó ni nọ́ńbà ìnfọ́ìsì tó fò. Jọ́nà rẹ̀: dẹ́bíìtì oníbàárà 900, krẹ́díìtì ọjà títà 900.

Èkejì, oníbàárà kan san 500, a wá kọ ọ́ sórúkọ oníbàárà mìíràn. Irú àkáǹtì tó yẹ ni a kọ ọ́ sí, ẹni tó ni ín la ṣì. Dẹ́bíìtì ẹni tí a ṣèèṣì kọ ọ́ fún, krẹ́díìtì ẹni tó sanwó gan-an.

Ẹ̀kẹta, àṣìṣe ìlànà: owó àtúnṣe ẹ̀rọ, 1,200, ni a kọ sínú àkáǹtì ẹ̀rọ, bí ẹni pé a ra ẹ̀rọ tuntun. Dẹ́bíìtì àkáǹtì àtúnṣe 1,200, krẹ́díìtì àkáǹtì ẹ̀rọ 1,200. Ṣọ́ra níbí o. Ìdajì 2,400 ni 1,200, wọ́n sì máa ń kọ́ wa pé ká wá ìdajì iye tó yàtọ̀, torí ohun tó bá wọ apá òdì máa ń fa ìyàtọ̀ ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ń kánjú á dì mọ́ 1,200 yìí. Ṣùgbọ́n apá tó yẹ ló wọ̀, àkáǹtì nìkan ni a ṣì.

Ẹ̀kẹrin ni ìdàkejì. A san 350 fún ẹni tó ń tajà fún wa láti báǹkì, a wá dẹ́bíìtì báǹkì, a sì krẹ́díìtì rẹ̀. Jọ́nà àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe 350 bí kò ṣe 700: dẹ́bíìtì ẹni náà 700, krẹ́díìtì báǹkì 700. 350 àkọ́kọ́ pa èyí tí a kọ lódì rẹ́, 350 kejì ló kọ ìsanwó náà bó ṣe yẹ. Bí o bá fi 350 nìkan tún un ṣe, ńṣe ló máa dà bíi pé o kò sanwó rárá.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, sọ́sípẹ́ǹsì kò tíì kúrò ní 2,400. Àwọn méjì tó kù ló kàn án.

Owó ilé 1,600 wà nínú ìwé owó, ṣùgbọ́n a kò gbé e dé àkáǹtì owó ilé nínú lẹ́jà. Ìfòdá ni èyí náà, àmọ́ apá kan ṣoṣo ló fò. Dẹ́bíìtì owó ilé 1,600, krẹ́díìtì sọ́sípẹ́ǹsì 1,600.

Owó ọkọ̀ 400 sì wọ ìwé owó dáadáa, ṣùgbọ́n apá krẹ́díìtì àkáǹtì owó ọkọ̀ ni a gbé e sí. Apá kan ló dorí kodò, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Dẹ́bíìtì owó ọkọ̀ 800, krẹ́díìtì sọ́sípẹ́ǹsì 800.

1,600 àti 800 jẹ́ 2,400: sọ́sípẹ́ǹsì dòfo. Bí ó bá ṣẹ́ ku, má ṣe dá iye kan sílẹ̀ láti fi dí i. Àṣìṣe kan ṣì wà tí o kò tíì rí. Kọ ìdí sábẹ́ jọ́nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kí ẹni tó bá ṣí ìwé náà lọ́la lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo ewu tó wà níbẹ̀: ká ní àwọn méjì ìkẹyìn yìí lo kọ́kọ́ rí, sọ́sípẹ́ǹsì ì bá ti dòfo, tí mẹ́rin yòókù ṣì wà nínú ìwé. Torí náà, fi àkọsílẹ̀ báǹkì wé ìwé owó rẹ. Bó bá jẹ́ pé ìwé rẹ fi 700 ju ti báǹkì lọ, ìsanwó 350 tó dorí kodò yẹn ni kí o kọ́kọ́ lọ wò.