Ó dọ́gba lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tọ̀nà: bí mo ṣe da bálánsì ṣíìtì Ìyá pọ̀ mọ́ ti Ọmọ

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wá nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn ọ́dítọ̀ ka gbogbo ọjọ́ náà mọ́ owó iṣẹ́ wọn, iléeṣẹ́ wa sì san án. Ó ṣì ń dùn mí dòní, nítorí pé nọ́ńbà náà kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Ká ní ẹnì kan béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ìràjà pé, “Èló ni èrè tó wà nílẹ̀ nínú iléeṣẹ́ yìí lónìí gan-an?”, à bá ti bọ́.

Iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣe ìṣirò ra ìpín 80% nínú iléeṣẹ́ mìíràn ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Ìparí oṣù kejìlá ni ọdún ìṣirò àwọn méjèèjì ń parí. Èmi ni wọ́n gbé bálánsì ṣíìtì àpapọ̀ lé lọ́wọ́, a ò sì ṣe irú rẹ̀ rí. Màá pe èyí tó ra èkejì ní Ìyá, màá pe èyí tí wọ́n rà ní Ọmọ. Mo ti gé àwọn nọ́ńbà kúrú kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé, àmọ́ bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan kò yí padà. Ẹ ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí mílíọ̀nù kan.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ máa ro dúkìá mọ́ dúkìá, gbèsè mọ́ gbèsè. Owó ìpìlẹ̀ Ọmọ ò gbọdọ̀ wọlé, ti Ìyá nìkan ló ń dúró. Ọmọ jẹ Ìyá ní 60, mo yọ ọ́ ní ìhà méjèèjì. Àwọn ẹ̀rọ Ọmọ níye lọ́jà ju ohun tí ìwé sọ lọ ní 50, mo fi 50 kún un. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣì lè lò, nítorí náà owó ìgbó ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́fà jẹ́ 5, mo yọ ìyẹn náà. Gbogbo dúkìá, láìka gúdíwìlì, wá jẹ́ 1,555, gbèsè tí a jẹ àwọn ará ìta sì jẹ́ 370. Ọ̀sán ọjọ́ kan ti tó fún gbogbo rẹ̀.

Gúdíwìlì ló kàn, ìyẹn iye tí a san kọjá ohun tí a lè tọ́ka sí nínú iléeṣẹ́ tí a rà. Ìyá san 500. Ìpín 20% tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín tí kò ní àkóso, a díwọ̀n rẹ̀ ní iye ọjà sí 110. IFRS 3, ìlànà ìṣirò àgbáyé lórí ríra iléeṣẹ́, gbà wá láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún gbà wá láyè láti kàn fún wọn ní 20% nínú àwọn ohun tí a lè tọ́ka sí. Owó ìpìlẹ̀ Ọmọ jẹ́ 200. Ìṣirò náà rèé:

```
=500+110-(200+X+50)
```

`X` yẹn ni èrè àkójọ Ọmọ, èrè tó ti jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí kò tíì pín, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí a rà á. Òun ló gba ọjọ́ mọ́kànlá lọ́wọ́ mi.

Ìwé Ọmọ tó gbẹ̀yìn tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí ni ti ìparí ọdún tó ṣáájú, 210 sì ni èrè àkójọ tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fi sí ipò `X` nìyẹn. Gúdíwìlì jáde ní 150. Ní ìparí ọdún, èrè àkójọ Ọmọ ti di 290, nítorí náà mo ka 80 sí èrè tó wọlé lẹ́yìn ìràjà, mo yọ 5 ti ẹ̀rọ, mo fún Ìyá ní 80% nínú 75 tó kù, mo fún àwọn tí kò ní àkóso ní 20%. Òkè jẹ́ 1,705, ìsàlẹ̀ jẹ́ 1,705. Orí mi wú. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fún ọ̀gá àwọn ọ́dítọ̀ fúnra mi.

Ó wò ó, ó fi bírò rọ́bọ́tọ́ yí 210 ká, ó ní, “Ọjọ́ wo ni nọ́ńbà yìí?”

Èsì wà lẹ́nu mi, mo sì rí àṣìṣe náà bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìdajì ọdún tó ṣáájú oṣù keje, àwọn tó ta Ọmọ fún wa ló ni ín. Èrè ìgbà yẹn wà lára ohun tí a san 500 lé lórí. A ò lè rà á tán ká tún pè é ní èrè tí àwa jẹ. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé bálánsì ṣíìtì kò lè fi irú àṣìṣe yìí hàn láéláé. Bí `X` bá fi 40 kéré jù, gúdíwìlì á fi 40 pọ̀ jù lókè. Nísàlẹ̀, èrè Ìyá á fi 32 pọ̀ jù, ìpín àwọn tí kò ní àkóso á fi 8 pọ̀ jù. Méjìlélọ́gbọ̀n àti mẹ́jọ, ogójì náà ni. Àṣìṣe náà gbé ìwọ̀n tirẹ̀ dání wá.

Mo padà sórí tábìlì. Èrè Ọmọ fún odidi ọdún jẹ́ 100. Mo dá a sí méjì, mo fi 50 kún 210, `X` di 260. Gúdíwìlì di 100. Ó tún dọ́gba, 1,655 lókè, 1,655 nísàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ ẹ̀rí kí n tó gbé e lọ, mo bá pe àǹtí tó ń bójú tó ìwé Ọmọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣe ìṣirò tiwọn sílẹ̀, ní ọ̀nà kejì tí IFRS 3 gbà, èyí tó ń fún àwọn tí kò ní àkóso ní ìpín wọn láìka iye ọjà.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èló ni gúdíwìlì tiyín?”

“Ọgọ́rùn-ún.”

“Àròpọ̀ ńkọ́, mà?”

“Ẹgbẹ̀jọ ó lé márùndínlọ́gọ́ta.”

Ó bára mu pátápátá. Mo dúpẹ́, mo fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Àǹtí ní kí n dúró ná, kí n ka èrè àkójọ àpapọ̀ tèmi fún àwọn. Mo ka 670. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Àbúrò mi, 678 ló wà lọ́wọ́ mi. Tìrẹ ò lè tọ̀nà.”

Mo kọ́kọ́ jiyàn. Mo ní ọ̀nà wa yàtọ̀ síra, nọ́ńbà náà lè yàtọ̀. Àǹtí ní rárá, wọ́n sì jàre. Ọ̀nà tí a bá fi díwọ̀n ìpín àwọn tí kò ní àkóso lọ́jọ́ ìràjà, ohun méjì péré ló lè kàn: gúdíwìlì, àti ìpín náà fúnra rẹ̀. Èrè àkójọ Ìyá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a ò bá tíì dín gúdíwìlì kù. Torí náà gúdíwìlì wa ni ì bá yàtọ̀, èrè wa ni ì bá bára mu, òdì kejì ló sì ṣẹlẹ̀. 100 tiwọn àti 100 tèmi kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Ìyàtọ̀ èrè náà jẹ́ 8, 8 sì ni 80% ti 10, nítorí náà `X` mi fi 10 pọ̀ jù. Nígbà tí a wá a lọ sẹ́yìn, ohun méjì ló fà á. Ọjà Ọmọ máa ń tà jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sì lọ déédéé: 60 ni wọ́n jẹ kó tó di oṣù keje, 40 lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, ní oṣù kẹta wọ́n ti pín 20 fún àwọn onípìn-ín àtijọ́, mi ò sì yọ ọ́. 210, fi 60 kún un, yọ 20 kúrò: 250.

Ibi tó yẹ kó parí sí nìyẹn. Àmọ́ àwọn ọ́dítọ̀ ò gba 60 náà láìsí ìwé, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ọmọ pé kí wọ́n pa ìwé dé ní ìparí oṣù kẹfà. Owó ìgbó ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé owó tí àwọn tó ń kó ọjà fún wọn kọ ní oṣù kẹfà, ìdajì wọn kò dé orí ìwé títí di oṣù keje. Ọjọ́ mẹ́jọ nínú mọ́kànlá ni èmi àti Àǹtí fi tú fáìlì, tí a ń wo ọjọ́ tí ọjà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń pín owó ìgbó ẹ̀rọ sí oṣù méjìlá. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni ká ní wọ́n ṣe é lásìkò.

Bí ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ṣe rí nìyí:

| `X` | Gúdíwìlì | Èrè àkójọ | Ìpín àwọn tí kò ní àkóso | Àròpọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| 210 | 150 | 710 | 125 | 1,705 |
| 260 | 100 | 670 | 115 | 1,655 |
| 250 | 110 | 678 | 117 | 1,665 |

Lórí ìlà tó gbẹ̀yìn, èrè lẹ́yìn ìràjà jẹ́ 40, yọ 5 ti ẹ̀rọ, ó ku 35. Ìyá gba 28 lé 650 tirẹ̀, àwọn tí kò ní àkóso gba 7 lé 110. Fi owó ìpìlẹ̀ Ìyá, 500, àti gbèsè 370 kún un, ó pé. Inú mi dùn sí ìwé yẹn gidigidi, mo sì lè dáhùn fún gbogbo ẹyọ tó wà nínú rẹ̀. (Mo fo owó orí tí a ó san lọ́jọ́ iwájú lórí 50 ti ẹ̀rọ yẹn nínú àpẹẹrẹ yìí. Nínú iṣẹ́ gidi, IAS 12 ní kí a kà á, ó sì máa gbé gúdíwìlì sókè díẹ̀.)

Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kan gúdíwìlì kí n tó kọ ìrìn àjò èrè àkójọ Ọmọ sílẹ̀: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, èrè tó wọlé, ohun tí wọ́n pín, ibi tó dé lọ́jọ́ ìràjà, ibi tó dé ní ìparí ọdún. Mo sì ń ṣe ìṣirò náà lọ́nà méjèèjì láti wò ó bóyá èrè Ìyá á bára mu. Àmọ́ ẹ má gbójú lé èyí nìkan. Ìdí tó fi gbà wá ni pé Àǹtí mú 250 láti inú ìwé tiwọn, èmi mú 260 láti inú èrò mi. Ká ní 260 ni mo fi ṣe ọ̀nà méjèèjì, 670 ni ì bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì bá ti mọ̀.

Iléeṣẹ́ wa tún fẹ́ ra òmíràn báyìí. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe àdéhùn náà kó tó di pé wọ́n fọwọ́ sí i: lọ́jọ́ tí àkóso bá bọ́ sọ́wọ́ wa, kí wọ́n pa ìwé dé lọ́jọ́ náà, kí owó ìgbó ẹ̀rọ ti wọlé, kí gbogbo owó tí wọ́n jẹ ti wà nílẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé ìpinnu lórí èrè tí wọ́n ti pín mọ́ ọn.