Bí a ṣe ń fi ọjọ́ orí ìkànnì àti ọ̀rọ̀ oníbàárà dá ṣọ́ọ̀bù ayédèrú mọ̀

Kí o tó sanwó fún ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára tí o kò mọ̀ rí, wá ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ìkànnì náà sílẹ̀, kí o sì fi í wé ọdún tí ṣọ́ọ̀bù náà ní òun bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó wà lára ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà.

Kọ́kọ́ rí i dájú pé orúkọ ìkànnì gan-an ni o mú. Nínú `bata.edinwo.example/ra`, `edinwo.example` ni orúkọ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ iléeṣẹ́ ńlá síwájú orúkọ tirẹ̀ láti fi tan ènìyàn. Tẹ orúkọ náà sí `lookup.icann.org`, kí o sì wo ìlà `Created`. `Updated` kọ́ ni o ń wá, nítorí ìyẹn lè jẹ́ àná lórí ìkànnì tó ti pẹ́. Àwọn orúkọ orílẹ̀-èdè kan, bíi `.de`, kì í fi ọjọ́ yìí hàn.

Jẹ́ ká gbà pé ṣọ́ọ̀bù bàtà kan kọ ọ́ pé òun ti ń tajà láti ọdún 2012, ìlà `Created` ní oṣù kẹta ọdún 2025, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti ń yìn ín lórí ojúewé rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ta ló ra bàtà níbẹ̀ ní oṣù mẹ́rìndínlógún kí ìkànnì náà tó wà? Ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ orúkọ lóòótọ́; béèrè orúkọ àtijọ́, kí o sì wá òun náà wò. Bí wọn kò bá rí i dárúkọ, má sanwó.

Ọjọ́ orí tó pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá o. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń ra orúkọ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ `Created` àtijọ́ á sì bá a lọ. Tẹ orúkọ náà sí `web.archive.org`, kí o sì wo bí ojúewé rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀: bí ojúewé ẹgbẹ́ akọrin ló wà níbẹ̀ lọ́dún 2019, ọjọ́ orí yẹn kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù náà.

Ní ti ọ̀rọ̀ oníbàárà, èyí tó wà lórí ìkànnì ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan lójú mi, torí pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń yan èyí tí yóò hàn. Wá ti ibòmíràn, kí o sì tò ó kí tuntun ṣáájú. Bí ìyìn rẹpẹtẹ bá wọlé láàárín ọjọ́ méjì, tí kò sí ẹni tó sọ bí bàtà ṣe bá ẹsẹ̀ òun mu tàbí ìgbà tó dé, fura. Da gbólóhùn kan nínú rẹ̀ kọ sáàárín àmì àyọlò, kí o wá a. Ó lè jáde lábẹ́ ọjà mìíràn pátápátá. Bí ìyìn àtijọ́ bá sì dára, àmọ́ tí àwọn tó kọ̀wé lóṣù yìí ń sọ pé ọjà àwọn kò dé, ti oṣù yìí ni kí o gbà gbọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀bù náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.