Bí mo ṣe túmọ̀ ìkéde iṣẹ́ kan fún Ìyá Ìbejì ní Ṣómólú

Ìkéde náà jẹ́ ti iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran, ní Ìkẹjà. Ẹnìkan ló yà á lójú fóònù, ó fi ṣọwọ́ sí Ìyá Ìbejì lórí Wásáàpù, òun náà wá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì ka ìwé mẹ́wàá jáde, ó sì ti tọ́jú sítọ́ọ̀ alágbàtà ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Múṣin fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń sú u. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi kà á délẹ̀, ẹ má fo nǹkan kan o."

Kí n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, etí àwòrán ni mo kọ́kọ́ wò. Ìkéde tí wọ́n yà lójú fóònù kì í sábà pé. Èyí já lókè, orúkọ ẹni tó gbé e jáde kò hàn. Ó tún já nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé kí èèyàn fi ìwé ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì kan. Mo ní kó bi ẹni tó fún un ní apá tó kù. Kò pẹ́ tí àwòrán kejì fi dé, inú rẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n máa dẹ́kun gbígba ìwé wà, ọjọ́ Ẹtì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ká ní mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àkọ́kọ́ nìkan, ǹ bá ti túmọ̀ ìdajì fún un bíi pé odidi ni.

Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá sínú ìwé kan, ìlà sí ìlà bó ṣe wà níbẹ̀. Iye owó, ọjọ́ àti aago, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ibi tí wọ́n ti sọ irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ló gba àkókò jù. Ìyá Ìbejì ti rí `OND` àti Excel, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun. Mo ní kó fara balẹ̀. Ohun tí ìlà àkọ́kọ́ sọ ni pé kéèyàn ní OND, tàbí kó ní ìwé mẹ́wàá pẹ̀lú kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, láàárín ìjókòó tí kò ju méjì lọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó. Ìrírí ọdún méjì nínú sítọ́ọ̀, ọ̀ranyàn ni, òun sì ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí Excel àti gbígbé ní agbègbè Ìkẹjà, wọn ò sọ pé ọ̀ranyàn ni mọ́, wọ́n ní ẹni tó bá ní wọn á fi ṣíwájú ẹlòmíì díẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún iṣẹ́ tó tọ́ sí wọn. Mo fa ìlà sábẹ́ àwọn tó jẹ́ ọ̀ranyàn kó lè rí wọn fúnra rẹ̀.

A wá gbé èsì ìdánwò rẹ̀ kalẹ̀. Nínú ti WAEC, ó gba C5 nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní kírẹ́díìtì mẹ́ta mìíràn, ṣùgbọ́n D7 ló wà níwájú Ìṣirò. A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 yè ni, kò dé kírẹ́díìtì. Ojú rẹ̀ fà ro. Mo bi í bóyá kò tún un ṣe. Ó ní òun ṣe NECO lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì gba C6 nínú Ìṣirò. Ó parí! Mẹ́rin ti WAEC àti ọ̀kan ti NECO di márùn-ún, ìjókòó méjì péré sì ni. Àṣé ó ti tọ́jú ìwé NECO yẹn sísàlẹ̀ àpótí, ó ní kò wúlò.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Wọ́n kọ 120,000 náírà lóṣù, wọ́n sì fi hàn pé iye yẹn ni kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Mo mú ẹ̀rọ ìṣirò jáde. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ fi ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 ti ara rẹ̀ kún un, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdá 8 nínú 120,000 jẹ́ 9,600 náírà. Ti owó orí, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 kò fọwọ́ kan 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún, ìdá 15 ni wọ́n ń gbà lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Owó rẹ̀ lọ́dún, lẹ́yìn pẹ́ńṣọ̀n, á jẹ́ 1,324,800. Yọ 800,000 kúrò, ó ku 524,800, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ 78,720 lọ́dún, ìyẹn 6,560 lóṣù. Ohun tó máa wọ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn: nǹkan bíi 103,800 náírà. Bó bá mú ìwé ẹ̀rí owó ilé wá, owó orí náà á tún dín díẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlà kékeré kan sísàlẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ gàdàgbà: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbà ìdánwò, ìdá 80 nínú owó oṣù ni wọ́n á sì máa san. Ìyẹn ni 96,000, kí wọ́n tó yọ pẹ́ńṣọ̀n tàbí owó orí. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, 72,000 náírà kò ní sí níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ti fẹ́ fi owó oṣù àkọ́kọ́ san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Owó oṣù kẹtàlá tí wọ́n ṣèlérí náà, ẹni tí wọ́n bá ti fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ nìkan ló wà fún, mo sì ní kó má kà á mọ́ tirẹ̀ báyìí.

Ọ̀nà ìfiwéránṣẹ́ kò le. Wọ́n fẹ́ ìwé ìtàn iṣẹ́ ẹni ní PDF, kì í ṣe fọ́tò ìwé tí èèyàn fi fóònù yà, wọ́n sì fẹ́ kí orí ímeèlì jẹ́ báyìí:

```
STORE ASSISTANT - IKEJA
```

Ìwé ẹni tó bá kọ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ lè má dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣà wọ́n. Àdírẹ́sì ímeèlì inú àwòrán kò ṣeé dà kọ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan la ní láti tẹ̀. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ bóyá `l` ni tàbí oókan. Mo wọ ojúewé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, mo rí i pé `l` ni, ìkéde náà sì wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé kì í ṣe ti gbájúẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ níbẹ̀ pé wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oníduúró méjì ni wọ́n á béèrè bí wọ́n bá mú un; ó ní ọ̀gá òun àtijọ́ ní Múṣin á jẹ́ ọ̀kan.

A fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ó ku ohun méjì tí ìkéde náà kò sọ, bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé àti bóyá owó mọ́tò ti wà nínú 120,000 yẹn. Mo kọ ìbéèrè méjèèjì sẹ́yìn ìwé ìtumọ̀ náà fún un, kó lè bi wọ́n bí wọ́n bá pè é.