Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣí ìsọ̀ sórí ayélujára: ìrọ̀rí kan, láti ojú ewé ọjà dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ṣí ìsọ̀ sórí ayélujára ni ó máa ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan yan àwọ̀ àti orúkọ ìsọ̀ náà, tí kò sì ní fi wákàtí kan péré wọn ọjà tí ó fẹ́ tà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá mọ̀ nípa ọjà wa ni a ó kọ sí ojú ewé rẹ̀, òun náà ni a ó sì fi ṣírò owó tí akẹ́rù yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí a mú ọjà kan ṣoṣo, ìrọ̀rí ibùsùn, kí a sì máa tẹ̀ lé e lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ìrọ̀rí ni: ó fúyẹ́, kì í fọ́, kì í sì í rà, nítorí náà ni àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣe rò pé kò sí ọjà tí ó rọrùn tà tó o.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà nínú fọ́tò. Olùtajà á tẹ́ ibùsùn dáadáa, á gbé ìrọ̀rí méjì sí i, á wọ aṣọ aláràbarà fún wọn, á sì yà wọ́n, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dára wò jù. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rí ẹyọ kan ni ó ń tà, kò sì fi aṣọ kún un. Lóòótọ́, ó ti kọ “ẹyọ kan” sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, lẹ́yìn ìtàn gígùn nípa oorun aládùn; ẹni tí ó ń fi fóònù rajà kì í dé ibẹ̀. Fọ́tò ni ó rà. Nígbà tí ẹrù bá dé, ohun tí yóò sọ ni pé wọ́n fi ọ̀kan pamọ́ nínú ọjà òun, kò sì sí àlàyé tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí yóò wà nínú páálí nìkan ni kí ó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́, kí fọ́tò ibùsùn wá sí ipò kejì tàbí ìkẹta, kí gbólóhùn kúkúrú kan sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iye owó: “Ìrọ̀rí ẹyọ kan. Kò ní aṣọ.”

Àwọn ọ̀rọ̀ bíi “ńlá” àti “ó rọ̀ dáadáa” kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹni tí ó ti ní aṣọ ìrọ̀rí nílé fẹ́ mọ̀ bóyá ìrọ̀rí náà yóò wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 70, ó fẹ̀ ní 50, ó sì nípọn ní 18. Ẹ sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, yálà fóòmù ni tàbí òwú tàbí ìyẹ́ ẹyẹ, nítorí pé ìyẹ́ máa ń mú àwọn mìíràn sín. Ẹ sọ bóyá a lè fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bí ìbéèrè kan náà bá ti ọwọ́ oníbàárà mẹ́ta wá, ẹ má kàn máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn náà ni ó sọnù lójú ewé.

Owó ìfiránṣẹ́ tí ó ń jẹ èrè

Ibí yìí ni mo ti rí ìsọ̀ tuntun tí ó pàdánù jù lọ, tí ẹni tí ó ni ín kò sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ títí tí ìwé owó akẹ́rù fi dé ní òpin oṣù. Olùtajà gbé ìrọ̀rí sórí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ kílò 1.2. Ó fi páálí kún un, ó di kílò 1.6. Ó ní kí a pè é ní kílò 2, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ètò ìsọ̀ rẹ̀, ìsọ̀ náà sì ń gba owó kílò 2 lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá rà á. Kò purọ́, kò sì ṣi ìṣirò ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù kì í wo ìwúwo nìkan. Wọ́n tún máa ń wo àyè tí ẹrù gbà nínú ọkọ̀ tàbí bàálù, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n sì máa ń gba owó lé lórí.

Ìṣirò náà kò le. Ẹ wọn páálí tí a ti lẹ̀ pa, kì í ṣe ọjà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ sọ ara wọn di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá fi nọ́ńbà tí akẹ́rù yín ń lò pín in. 5000 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, àwọn mìíràn ń lo 6000, ó sì wà nínú ìwé àdéhùn wọn. Bí páálí ìrọ̀rí wa bá jẹ́ 70 sí 50 sí 18, ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
70 × 50 × 18 = 63000
63000 ÷ 5000 = 12.6
```

Kílò 12.6 ni akẹ́rù yóò kà, wọ́n sì tún lè sún un sókè sí 13. Oníbàárà ti san owó kílò 2. Owó kílò 11 tí ó kù, inú èrè ni yóò ti jáde, èrè orí ìrọ̀rí kan kì í sì í tó o. Bí olùtajà bá wá ṣèlérí ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó bá ra ìrọ̀rí mẹ́rin, ńṣe ni ó ń sanwó kí wọ́n lè bá a kó ọjà rẹ̀ lọ.

Ojútùú rẹ̀ kì í ṣe kí a máa bu owó lé oníbàárà lórí, bí kò ṣe kí a dín àyè náà kù. A lè ki ìrọ̀rí náà sínú ọ̀rá, kí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí a sì ká a sínú páálí tí ó jẹ́ 50 sí 20 sí 20. Ìyẹn jẹ́ 20000. Nígbà tí a bá pín in, ó di kílò 4. Ìgbà náà ni a tó mọ iye tí ó yẹ kí a tẹ̀ sínú ètò ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ká fóòmù báyìí kí ẹ fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́ta kí ẹnì kan tó rà á, nítorí pé èyí tí ó bá pẹ́ jù nínú ìfúnpọ̀ lè má wú padà dé ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ọ́dà bá wọlé ni kí ẹ ká a.

Ọ̀rọ̀ náà sì tún gbé wa padà sí ojú ewé ọjà. Ìrọ̀rí tí a fún pọ̀ máa ń pẹlẹbẹ bí àkàrà tí kò wú nígbà tí a bá kọ́kọ́ já ọ̀rá rẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó wú tán. Bí ẹ kò bá kọ èyí sójú ewé, kí ẹ sì tún fi ìwé pélébé kan sínú páálí, fọ́tò ìrọ̀rí pẹlẹbẹ ni yóò dé bá yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìbéèrè pé kí ẹ dá owó padà.

Ní ti àkókò, “ọjọ́ mẹ́ta” kò tó ní àlàyé. Ẹnì kan sanwó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sì kà á dé Ọjọ́ Àìkú. Lójú olùtajà, ọjọ́ Ẹtì ni ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, akẹ́rù kì í ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà Ọjọ́rú ni ọjọ́ mẹ́ta náà pé. Àwọn méjèèjì kò ṣi ọjọ́ kà, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ẹ kọ wákàtí tí ọ́dà gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ó tó lè jáde lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi “ọjọ́ iṣẹ́” dípò “ọjọ́”.

Ọ́dà tí ó wọlé kò tíì di owó

Ìrọ̀rí ẹyọ kan ni ó ṣẹ́ kù, ẹni méjì sì tẹ ibi ìsanwó láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Bí ìsọ̀ bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí owó bá wọlé tán ni ó tó ń yọ ọjà kúrò nínú iye tí ó wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sanwó. Ìdí nìyí tí ètò ìsọ̀ fi máa ń di ọjà mú fún ìgbà díẹ̀. Nínú WooCommerce, ọ̀kan lára àwọn ètò tí a fi ń ṣí ìsọ̀ sórí ayélujára, fún àpẹẹrẹ, `Hold stock (minutes)` ni orúkọ rẹ̀, ìṣẹ́jú 60 ni ó sì ń bá a wá. Bí olùrà kò bá sanwó kí àkókò náà tó pé, ètò náà yóò fagi lé ọ́dà rẹ̀, ọjà á sì padà sórí àtẹ. Àṣìṣe ni láti nu nọ́ńbà yẹn kúrò nítorí pé a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ní ààlà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọ́dà tí ó wà ní ipò `Pending payment` nìkan ni ó kàn. Ẹni tí ó bá yàn láti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ipò `On hold` ni ọ́dà tirẹ̀ ń bọ́ sí. A ti yọ ọjà rẹ̀ kúrò nínú iye tí ó wà nílẹ̀, kò sì sí aago kankan tí yóò fagi lé e. Bí ẹni mẹ́fà bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn kò sì sanwó mọ́, ìsọ̀ yóò máa sọ fún ayé pé ìrọ̀rí ti tán, nígbà tí mẹ́fà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn yín. Nítorí náà, bí ọjà kan bá tán lójú ewé tí ó sì wà nílẹ̀, `On hold` ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ìsanwó pé ọ́dà tí a kò bá rí owó rẹ̀ láàárín wákàtí 48 yóò di fífagilé, kí ẹnì kan sì máa ṣe é láràárọ̀.

Fọ́tò ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí oníbàárà yà láti ojú fóònù rẹ̀ kì í ṣe owó. Mo mọ̀ pé ó máa ń nini lára láti sọ fún ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó dúró, àmọ́ ìgbà tí owó bá hàn nínú àkáǹtì yín ni kí ẹ yí ipò ọ́dà náà sí `Processing`, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

Bákan náà, ẹ má ṣe tẹ `Completed` nítorí pé ẹ ti tẹ ìwé àdírẹ́sì jáde. Ní kété tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìmeèlì yóò lọ bá oníbàárà pé ọ́dà rẹ̀ ti parí, òun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ páálí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ìgbà tí akẹ́rù bá gba ẹrù náà lọ́wọ́ yín, tí ó sì ti fún un ní nọ́ńbà ìtọpinpin, ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì tó lẹ páálí pa, ẹ ka orúkọ tí ó wà lára ìwé àdírẹ́sì àti irú ìrọ̀rí tí ó wà nínú rẹ̀ sókè, pàápàá bí ẹ bá ń ta èyí tí ó rọ̀ àti èyí tí ó le: nígbà tí a bá ti ká wọn sínú ọ̀rá, ojú kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.