Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ ìyá aládìrẹ kọ

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gba ohùn ìyá aládìrẹ kan sílẹ̀ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, "àbí" àti "ṣé o rí i" kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo ní kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo "àbí" rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Háà! "Aró ìbílẹ̀ àbí aró òyìnbó" di "aró ìbílẹ̀ aró òyìnbó".

Mo dá a padà, mo wá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, etí mi wà níbi ohùn náà. "Àbí" tó wà láàárín nǹkan méjì dúró; èyí tí ìyá kàn fi ń mí ni mo yọ. "Ṣé o rí i" nira jù, torí ìgbà kan wà tí wọ́n gbé aṣọ sókè hàn mí. Ìyẹn náà dúró.

Ibi tó kù ni "ẹ̀n-ẹ́n, mà" tèmi, tó ti gé ìdáhùn wọn sí wẹ́wẹ́:

Ìyá: A máa ń, a máa ń fi ẹ̀kọ láfún, ṣé o rí i...
Èmi: Ẹ̀n-ẹ́n, mà.
Ìyá: ...ya á, àbí, pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ.

Mo yọ tèmi, mo so tiwọn pọ̀ mọ́ ìbéèrè tó bí i:

Ìbéèrè: Kí lẹ fi ń ya àrà sáṣọ, mà?
Ìdáhùn: A máa ń fi ẹ̀kọ láfún ya á pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ.

Ṣùgbọ́n "a rì í, a sá a, a rì í, a sá a" kì í ṣe àsọtúnsọ lásán. Bí aró ṣe ń dúdú nìyẹn, mi ò fọwọ́ kàn án.