Àmì Náírà Kan Ṣoṣo Ló Ń Gbọ́n Owó Mi Lọ

Owó àtẹ̀jíṣẹ́ ló mú mi kọ èyí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ tó ń dá àwọn àgbẹ̀ lóhùn lórí fóònù, mo ti ṣírò pé owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò ná mi, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kẹwàá tó pé, owó oṣù kan tí mo san fún iléeṣẹ́ tó ń bá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ti tán pátápátá.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò le ṣe. Àgbẹ̀ kan ní Ọdẹ́dá yóò kọ “elo ni gari ni lafenwa”, módẹ́ẹ̀lì èdè kékeré tí mo gbé sórí kọ̀ǹpútà mi ní Abẹ́òkúta yóò yọ orúkọ irè oko àti orúkọ ọjà jáde nínú ọ̀rọ̀ náà, a ó sì wá iye rẹ̀ nínú àká SQLite tí a ń kọ iye owó ọjà Láfẹ́ńwá àti ti Kútọ̀ sí ní àràárọ̀. N kò jẹ́ kí módẹ́ẹ̀lì náà pe iye owó kankan fúnra rẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ tí mo dán an wò láìsí àká, ó dá iye kan lé àpò gàrí láìṣiyèméjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Mo kó ẹ̀gẹ́, gbágùúdá àti pákí sí ìlà kan náà nínú àká, kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè kó má rí ìdáhùn. Apá yìí wú mi lórí gidigidi.

Ibi tí mo ti há ni bí wọ́n ṣe ń ka àtẹ̀jíṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ẹyọ lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú tábìlì GSM-7, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ mọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ti wọlé, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sí UCS-2, ìyẹn ètò tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àyè rẹ̀ yóò sì dín kù sí 70. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò gé e sí abala tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 67, wọn yóò sì gba owó lórí abala kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn mi kan tó jẹ́ ẹyọ 124 lójú ti di 137, nítorí pé àmì ohùn tó bá wà lórí ẹ tàbí ọ ni wọ́n tún ń kà lọ́tọ̀. Abala méjì kò sì gbà ju 134 lọ, ni mo bá ń san owó mẹ́ta.

Ó dùn mí láti bọ́ àmì kúrò lára Yorùbá. Bàbá kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà. Wọ́n na fóònù kékeré olóńtẹ̀ wọn sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ni àwọn àpótí wẹ́wẹ́ yìí?” Gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ̀ wà, àpótí òfìfo ló wà níbẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, mo máa tún un ṣe.” Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ èyí:

```python
import unicodedata

def bo_ami(oro):
    oro = unicodedata.normalize("NFD", oro)
    return "".join(c for c in oro
                   if not unicodedata.combining(c))
```

Owó mẹ́ta di méjì. Kò di ọ̀kan. Odindi òru mẹ́rin ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Mo bá iléeṣẹ́ náà fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ní wọ́n ń rẹ́ mi jẹ, wọ́n sì ń dá mi lóhùn pé iye abala tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n kà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ojú ìwé owó wọn kò fi hàn bóyá GSM-7 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàbí UCS-2, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú títí di òní. Ní òru kẹrin ni mo ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo ẹyọ tí kò bá sí nínú ASCII, àkójọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán, jáde fún mi. Ẹyọ kan péré ló jáde: ₦. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síwájú iye owó nínú gbogbo ìdáhùn. Kò sí nínú GSM-7, kì í sì í ṣe àmì orí lẹ́tà tí iṣẹ́ tí mo kọ lè bọ́ dànù. Mo fi N rọ́pò rẹ̀, owó sì di ọ̀kan lọ́jọ́ náà.

Ká ní mo mọ̀ ni, ìlà yìí ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ, kí àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò bá yege má jáde rárá:

```python
oro = bo_ami(oro).replace("₦", "N")
assert oro.isascii() and len(oro) <= 160
```

Ìdáhùn iye owó kò ní wàhálà mọ́, nítorí pé nọ́ńbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn lórí ọ̀gbìn ni mo ṣì ń tún kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ ọ́ fún àwọn tó béèrè nípa àgbàdo pé kí wọ́n gbìn ín lẹ́yìn òjò méjì. Nígbà tí àmì bọ́, ó di “leyin ojo meji”, Bàbá Òṣíẹ̀lẹ̀ sì pè mí láti béèrè bóyá ọ̀túnla ni kí àwọn gbin tiwọn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ohun tó ń lọ báyìí ni “ti ojo ba ti ro leemeji”.